ÌWÉ ÀKÍYÈSÍ ÌDÀGBÀ Ọ̀GBÌN FÚN ỌMỌ ỌDÚN MẸ́JỌ: ÀTẸ ÀKỌSÍLẸ̀ ÀTI ÀÀYÈ ÀWÒRÁN

Ìfáàrà

Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ju ojú ìwé kan ṣoṣo lọ. Ìwé náà ni èyí tí olùkọ́ máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́jọ, kí wọ́n fi ṣe àkọsílẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n gbìn sínú agolo ṣe ń hù. Ní apá òkè rẹ̀ ni àtẹ wà, tí a fa ìlà sí kí ọmọ lè kọ iye sínú rẹ̀. Ní apá ìsàlẹ̀ ni ààyè òfìfo wà tí yóò ya àwòrán sí. Ẹni tí ó bá wò ó fìrí lè rò pé kò sí ohun tí ó ṣòro nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìwé náà lè kọ́ ọmọ láti gba ojú ara rẹ̀ gbọ́, ó sì lè kọ́ ọ láti purọ́. Bí a bá ṣe tò ó ni yóò sọ èyí tí yóò ṣe nínú méjèèjì.

Ìwé ọmọbìnrin kan ni ó gbé mi dé ibi ọ̀rọ̀ yìí. Mo bẹ ilé-ẹ̀kọ́ kan wò ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń parí iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ méjì lórí ẹ̀wà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní agolo méjì: ọ̀kan wà lójú fèrèsé, èkejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù olùkọ́ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Nígbà tí mo gbé ìwé ọmọ náà yẹ̀ wò, mo rí i pé ó ti fi ràbà pa iye kan rẹ́ títí tí bébà fi fẹ́lẹ́. Ohun tí ó kọ tẹ́lẹ̀ sì ń hàn lábẹ́ rẹ̀: 14. Ohun tí ó wá kọ lé e lórí ni 4. Mo bi í pé kí ni ó dé tí ó fi pa á rẹ́. Ó dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, olùkọ́ wa ti sọ pé ọ̀gbìn kì í dàgbà bí kò bá rí ìmọ́lẹ̀."

Ọmọ náà wọn ẹ̀wà inú òkùnkùn dáadáa, ó sì rí òtítọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó rí kò bá ọ̀rọ̀ olùkọ́ mu, nítorí náà ó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ kò purọ́, ọmọ kò sì ṣìwọ̀n. Ìwé tí ó wà láàárín wọn ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí iye àkọ́kọ́ fi tọ̀nà

Kí á tó sọ̀rọ̀ lórí ìwé, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹ̀wà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kì í ṣe inú ilẹ̀ ni ó ti ń rí oúnjẹ jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Inú ara rẹ̀ ni oúnjẹ náà wà. Abala méjì tí à ń rí nígbà tí a bá bó ẹ̀wà fún àkàrà, àwọn gan-an ni àpò oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un. Omi nìkan ni ó nílò láti ìta, àti ooru àti afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà fi lè hù nínú òkùnkùn biribiri.

Bí èéhù náà bá jáde tí kò rí ìmọ́lẹ̀, ńṣe ni ó máa ń ṣe bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni ó ṣì wà. Yóò ná gbogbo oúnjẹ inú àpò rẹ̀ lórí gíga, kí ó lè tètè dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Igi rẹ̀ yóò gùn, yóò tín-ín-rín, yóò funfun. Ewé rẹ̀ yóò kéré, yóò ká jọ, kò sì ní ní àwọ̀ ewé tútù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí àwọ̀ yẹn dá sára ewé ẹ̀wà. Ìwà yìí ni ó ń gba irúgbìn tí àgbẹ̀ bá gbìn jìn ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí òkè tí yóò dé. Nígbà tí oúnjẹ bá tán nínú àpò, yóò ṣubú, yóò sì kú.

Nítorí náà, òótọ́ ni pé ẹ̀wà inú òkùnkùn máa ń ga ju ti ojú fèrèsé lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì. Òótọ́ sì ni pé ọ̀gbìn kò lè wà láàyè pẹ́ láìsí ìmọ́lẹ̀. Òótọ́ méjèèjì kò takora. Ohun tí ó mú kí wọ́n dà bí ẹni pé wọ́n takora ni ìbéèrè tí a kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè

Ìbéèrè náà ni pé: "Agolo wo ni ọ̀gbìn inú rẹ̀ dàgbà jù?" Ẹ jẹ́ kí á fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. "Dàgbà" nínú èdè wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíga nìkan. Ọmọ lè ga kí ó má tí ì dàgbà. Arúgbó dàgbà, kò sì ga ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kó ọjọ́ orí, agbára àti pípé jọ. Bí a bá wá bi ọmọ ọdún mẹ́jọ pé èwo ni ó dàgbà jù nínú ẹ̀wà tí ó ga tí ó sì ń ṣubú, àti èyí tí ó kúrú tí ewé rẹ̀ sì dúdú minimini, kò sí ìdáhùn kan tí rúlà lè fún un. Yóò wá ìdáhùn náà lọ sí ẹnu olùkọ́.

Láti ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, nínú èyí tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ètò náà fi hàn pé a lè fi èdè wa kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìwé àkíyèsí wa ń rán wa létí pé iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Kì í ṣe kí á kàn rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò dúró fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí á bi ọ̀rọ̀ náà léèrè ohun tí ó ń sọ sí ọmọ létí. Nínú ìwé tí mo dábàá, ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn di mẹ́ta: Èwo ni ó ga jù? Èwo ni ewé rẹ̀ pọ̀ jù? Èwo ni ó lè dá dúró? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ọmọ lè wò tàbí kí ó wọ̀n, ìdáhùn wọn kò sì ní láti jẹ́ ọ̀kan náà.

Kíka ọjọ́

Ìṣòro kejì wà nínú òpó àkọ́kọ́ àtẹ náà, èyí tí a kọ "Ọjọ́" sí lókè. Nínú àwọn ìwé tí a tú láti Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ tí a gbin ẹ̀wà ni a máa ń pè ní òdo, a ó sì bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ọjọ́ kejì rẹ̀. Yorùbá kì í ka ọjọ́ báyẹn. Ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ wà lára ìkà wa. Ọjà tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn òru mẹ́rin ni à ń pè ní ọrọọrún, ọjọ́ kẹjọ tí a ń sọ ọmọ lórúkọ sì jẹ́ òru méje lẹ́yìn tí a bí i. Bí a bá gbin ẹ̀wà ní Ọjọ́ Ajé, tí a sì sọ fún ọmọ pé kí ó wò ó ní ọjọ́ kẹta, Ọjọ́rú ni yóò wò ó. Ẹni tí ó ń tẹ̀lé ìwé tí a tú yóò sì dúró títí di Ọjọ́bọ̀. Mo ti rí kíláàsì tí ìdajì àwọn ọmọ ti kọ iye wọn sí ìlà kan, tí ìdajì yòókù kọ tiwọn sí ìlà mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣẹ̀.

Àbá tèmi ni pé kí á ka ọjọ́ bí a ti ń kà á nílé. Ọjọ́ ìgbìn jẹ́ ọjọ́ 1. Bí ìgbìn bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ àkíyèsí yóò jẹ́ 3, 5, 8, 10 àti 12, gbogbo wọn yóò sì bọ́ sí ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Kí á tún fi òpó kékeré kan tì í, tí a kọ "Òru mélòó?" sí. Níbẹ̀ ni ọmọ yóò kọ iye òru tí ó kọjá láti ìgbà tí ó wò ó kẹ́yìn. Òru kò ní àríyànjiyàn. Gbogbo ènìyàn ni ó ń ka iye ìgbà tí ilẹ̀ ṣú bákan náà. Òpó yìí yóò tún gba ọmọ lọ́wọ́ àṣìṣe tí ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ máa ń fà, bí a ó ti rí i láìpẹ́.

Wíwọ̀n àti kíkọ iye

Irúgbìn mẹ́ta ni kí á gbìn sínú agolo kọ̀ọ̀kan, ní jíjìn bí sẹ̀ǹtímítà méjì, kí á ti fi ìṣó lu ihò sí ìdí agolo kí omi má baà dúró níbẹ̀. Ẹ̀wà tí kòkòrò kò tí ì lu ni kí á ṣà. Bí a kò bá mọ̀ bóyá a ti fi oògùn kòkòrò sí i, kí á má ṣe fún àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ 5, kí á fi àlùmọ́gàjí gé méjì, kí ọ̀kan kù. Èyí tí ó sún mọ́ àmì tí a fi sí etí agolo jù ni kí á dá sí, kì í ṣe èyí tí ó ga jù. Bí a bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, èyí tí ó ga jù ni ọmọ yóò máa wọ̀n lójoojúmọ́, ó sì lè jẹ́ pé èyí tí ó wọ̀n lónìí kọ́ ni ó wọ̀n lánàá. A lè mọ̀ bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀: gíga inú àtẹ yóò lọ sókè, yóò tún padà wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbìn kankan kò sì ṣẹ́.

Rúlà kò rọrùn fún ọmọ ọdún mẹ́jọ bí a ti rò. Ọ̀pọ̀ rúlà ni ó ní àlàfo díẹ̀ ṣáájú òdo, àwọn ọmọ mìíràn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ọ̀nà tí ó dára ni kí ọmọ na ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbìn láti ojú ilẹ̀ dé góńgó rẹ̀, kí ó ṣẹ́ ẹ níbẹ̀, kí ó wá tẹ́ ẹ sórí rúlà lórí tábìlì. Bí ọ̀gbìn bá ti tẹ̀, kí ó rọra nà án ṣinṣin mọ́ igi náà, nítorí pé gígùn igi rẹ̀ ni à ń wá. Kí ó so igi ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní iyèméjì lórí iye tí ó kọ, igi náà wà níbẹ̀ tí yóò jẹ́rìí.

Ohun kan kù tí ó kéré lójú ṣùgbọ́n tí ó ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 3, ẹ̀wà kò tí ì yọ. Kí ni kí ọmọ kọ? Ọ̀pọ̀ máa ń fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo. Ọmọ tí kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bí a bá wá ka àwọn ìwé náà, a kò ní mọ ẹni tí ó wò tí kò rí nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tí kò wò rárá. Nítorí náà kí á kọ ọ́ sókè àtẹ pé: "Bí o bá wò ó tí kò tí ì yọ, kọ 0. Bí o kò bá wò ó, fa ìlà kan."

Àtẹ ẹgbẹ́ ọmọbìnrin náà

Èyí ni àtẹ ẹgbẹ́ ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá iye tí ó pa rẹ́ padà, tí mo sì ti tò ó bí àbá mi. Sẹ̀ǹtímítà ni a fi wọn gíga.

| Ọjọ́ | Òru mélòó? | Gíga, ojú fèrèsé | Ewé, ojú fèrèsé | Gíga, kọ́bọ́ọ̀dù | Ewé, kọ́bọ́ọ̀dù |
|---|---|---|---|---|---|
| 3 | 2 | 0 | 0 | 0 | 0 |
| 5 | 2 | 2 | 0 | 3 | 0 |
| 8 | 3 | 7 | 2 | 14 | 0 |
| 10 | 2 | 10 | 2 | 21 | 0 |
| 12 | 2 | 12 | 3 | 26, ó ti ṣubú | 0 |

Ẹ jẹ́ kí á kà á pẹ̀lú wọn. Láàárín ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 8, ẹ̀wà inú kọ́bọ́ọ̀dù fi 11 ga sí i. Láàárín ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 10, ó fi 7. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ náà sọ pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n òpó òru fi hàn pé òru mẹ́ta ni ó fi ga ní 11, òru méjì péré ni ó fi ga ní 7. Ó ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ ní òru kọ̀ọ̀kan nígbà méjèèjì. Ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ ni ó mú kí ó dà bí ẹni pé ó sáré kí ó tó rọra. Ìgbà tí ó rọra ní tòótọ́ ni lẹ́yìn ọjọ́ 10, nígbà tí ó fi 5 ga ní òru méjì, tí ó sì ṣubú.

Òpó ewé náà fẹ́ àlàyé. A gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ ohun tí à ń pè ní ewé. Abala ẹ̀wà méjèèjì tí ó kọ́kọ́ gbé sókè nípọn, a kì í kà wọ́n. Ewé tí ó ká jọ náà, a kì í kà á títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdí nìyí tí gbogbo ti kọ́bọ́ọ̀dù fi jẹ́ 0. Ewé méjì àkọ́kọ́ ti ojú fèrèsé dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọjú síra. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ̀lé wọn pín sí mẹ́ta lórí ọrùn kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ kan kà á sí mẹ́ta, wọ́n sì kọ 5. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Òfin tí a fi yanjú rẹ̀ ni pé: ọrùn kan, ewé kan.

Ààyè àwòrán

Bí àtẹ nìkan bá ni a ní, òpó gíga ni yóò borí, nítorí pé iye rẹ̀ tóbi. Ẹni tí ó bá ka 26 àti 12 yóò sọ pé kọ́bọ́ọ̀dù dára fún ẹ̀wà. Àwòrán ni yóò sọ ohun tí iye kò lè sọ, nítorí náà kí á má ṣe kà á sí eré ìparí iṣẹ́.

Àpótí mẹ́ta ni kí á fi sílẹ̀ fún agolo kọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ 5, ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 12. Kí á ti fa ìlà ojú ilẹ̀ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ lè mọ ohun tí ó wà lókè. Kí á má ṣe ya ọ̀gbìn sílẹ̀ fún un pé kí ó kùn ún. Ohun tí ó bá rí kò ní bá èyí tí a yà mu, ojú tirẹ̀ ni yóò sì fi sílẹ̀. Ọmọ tí kò bá gbé agolo síwájú ara rẹ̀ yóò ya òdòdó àti oòrùn tí ó ń rẹ́rìn-ín. Bí a bá rí òdòdó lórí ẹ̀wà ọjọ́ 8, a mọ̀ pé láti inú orí ni ó ti yà á. Kí a má béèrè pé kí àwòrán bá gíga mu, nítorí pé àtẹ ti mú iṣẹ́ yẹn. Ìrísí ni à ń fẹ́. Àwòrán ọjọ́ 5 yóò fi ọrùn tí ó tẹ̀ bí ìwọ̀ hàn, pẹ̀lú abala ẹ̀wà méjì lórí rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ 12, àwọn abala náà ti rún tàbí kí wọ́n ti já bọ́. Ọmọ tí ó bá fi àwòrán méjèèjì wé ara wọn ti rí ibi tí oúnjẹ ẹ̀wà inú òkùnkùn ti wá, àti ìdí tí ó fi ṣubú.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà fẹ́ ìṣọ́ra. Àgbẹ̀ wa máa ń sọ pé ewé tí ara rẹ̀ le dúdú, èyí tí ó ń ṣàìsàn sì pọ́n. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé "ewé rẹ̀ dúdú", ó sọ Yorùbá tí ó dára, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi ìlà pupa fà á. Kí á máa ní kí ó fi ohun tí ó mọ̀ wé e: ó dúdú bí ewé tẹ̀tẹ̀, ó pọ́n bí ìyeyè, ó funfun bí inú iṣu. Báyìí ni ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò fi mọ ohun tí ó rí.

Ibi tí ìwé náà mọ

Agolo méjì kò tó láti fi ìdí ohunkóhun múlẹ̀. Ẹ̀wà kan lè kúrú nítorí pé irúgbìn rẹ̀ kò dára. Ó yẹ kí kíláàsì kó gbogbo ìwé ẹgbẹ́ jọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ìparí. Bákan náà, kọ́bọ́ọ̀dù kì í dá ìmọ́lẹ̀ nìkan dúró. Omi kì í tètè gbẹ níbẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n omi kan náà lè rì í. Kí ọmọ fi ìka kan ilẹ̀ kí ó tó bu omi sí i. Bí a bá sì gbé agolo náà síta pẹ́ nígbà tí a ń wọ̀n ọ́n, ewé rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí dúdú díẹ̀díẹ̀. Àmì pé ìmọ́lẹ̀ ti kàn án nìyẹn.

Ní ọjọ́ 12, kí á má ṣe da ẹ̀wà inú kọ́bọ́ọ̀dù nù. Kí á fi igi ró o, kí á gbé e sójú fèrèsé, kí á sì fi ìlà kan kún àtẹ. Bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá tí ì tán pátápátá, ewé rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí dúdú láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ìkádìí

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà. A jọ gbé agolo méjèèjì sórí tábìlì, mo sì ní kí ó tún ti inú kọ́bọ́ọ̀dù wọ̀n. Ó rí 26. Ó wo ojú olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà, tí ó jẹ́ ènìyàn dáadáa, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé èwo ni ó lè dá dúró nínú méjèèjì. Ọmọ náà nawọ́ sí ti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìwé rẹ̀, tí ó pa 4 rẹ́, tí ó sì tún kọ 14 sí ibi tí bébà ti fẹ́lẹ́.